Bí Ẹ Ṣe Lè Túmọ̀ Ìwé Òfin Eré Orí Pátákó sí Yorùbá Kí Ìwé, Àpẹẹrẹ àti Káàdì Má Baà Ta Ko Ara Wọn

Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ìwé òfin eré tí mo ti kà ló dùn-ún kà. Yorùbá inú wọn já gaara, kò sí ibi tí ahọ́n ti kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́rin gbé e dé orí tábìlì, kò ní pẹ́ tí ìjà á fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ní kí a “mú” káàdì, káàdì fúnra rẹ̀ ní kí a “fà” á, àpẹẹrẹ inú ìwé ní kí a “gbà” á. Ṣé ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, àbí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń ta á kò mọ̀.

Ohun tó ń kó wa sí i ni pé ilé ìwé ti kọ́ wa pé kí a má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Nínú àròkọ, ìmọ̀ràn gidi ni. Nínú ìwé òfin eré, ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, atayò á rò pé òfin ló yí padà.

Eré kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni 2 sí 4 ló ń ta á. Ó ní káàdì 60, ẹyọ owó, àti pátákó tí a ń tẹ́ káàdì 5 sí pẹ̀lú ojú wọn sókè. Ibẹ̀ ni mò ń pè ní àtẹ. Káàdì yòókù dojú dé nínú òkìtì. Bó bá kàn ọ́, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta lo máa ṣe: kí o fa káàdì 2 láti inú òkìtì, tàbí kí o san ẹyọ owó 2 kí o sì mú káàdì 1 lórí àtẹ, tàbí kí o lo káàdì 1 láti ọwọ́ rẹ. Bí o bá ti ṣe tán, ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ ju káàdì 6 lọ.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni eré náà, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà ìwé òfin tó kẹ́yìn pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, nítorí ìwé inú páálí lè ti di ti àtijọ́. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ gbogbo káàdì nínú fáìlì kan. Bí kò bá sí, ẹ jókòó kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Ẹ ní eré náà gan-an lọ́wọ́, kí ẹ sì ti ta á bí ìgbà mẹ́ta ní èdè ìpilẹ̀. Ẹni tí kò ta eré rí kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ara wọn ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì mẹ́ta ló tó: `ofin.txt` fún ìwé òfin, `kaadi.txt` fún káàdì, àti `oro.csv`, ìwé onílà àti òpó tí ẹ lè ṣí nínú LibreOffice Calc, tí àkójọ ọ̀rọ̀ yín á wà nínú rẹ̀. Ẹ wá kíbọọ̀dù tó ń kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ láìlàágùn. Lákòótán, ẹ fi ẹni mẹ́ta tí kò tíì gbọ́ nípa eré náà rí pamọ́ fún ìpele tó kẹ́yìn. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn.

Ìpele 1: Ẹ kó ọ̀rọ̀ eré náà jọ kí ẹ tó túmọ̀ gbólóhùn kankan

Káàdì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwé. Ìwé máa ń ṣàlàyé, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré díẹ̀. Káàdì kò ní àyè fún ìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òfin gidi nìkan ló máa ń kù lára rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo orúkọ ohun (òkìtì, àtẹ, ọwọ́, ẹyọ owó) àti gbogbo ìṣe (fà, mú, lò, san). Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ọ̀rọ̀ kan yẹ nínú àkójọ, ẹ bi ara yín pé: bí mo bá fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí, ṣé nǹkan kan á yí padà lórí tábìlì? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú `oro.csv`, ẹ ṣe òpó márùn-ún: ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ yàn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an lórí tábìlì, gbogbo ìrísí tí ọ̀rọ̀ náà lè yọ sí nínú gbólóhùn, àti òpó èèwọ̀, níbi tí ẹ máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi rọ́pò rẹ̀ láé. Òpó èèwọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn kì í ṣe. Nígbà tí ẹ bá dé káàdì ogójì, tí ó ti rẹ̀ yín, òun ló máa gbà yín.

Ibi tí a ti ń ṣìnà níhìn-ín ni ìgbà tí ìwé ìpilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá lo ọ̀rọ̀ méjì fún ohun kan. Ẹ má dá a pinnu. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe eré náà, kí ẹ béèrè bóyá ohun kan ni tàbí méjì, kí ẹ sì lẹ ìdáhùn rẹ̀ mọ́ òpó kẹta.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí yọrí bí ẹ bá yọ káàdì 5 láìwo ojú wọn, tí gbogbo ìṣe tó wà lára wọn sì ti wà nínú àkójọ. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, ẹ padà lọ ka gbogbo káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Ìṣe kan, ọ̀rọ̀ kan

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo túmọ̀ irú eré yìí, mo lo “mú” fún ohun gbogbo. Ó rọrùn lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí kò mọ “mú káàdì”. Káàdì kan wà nínú eré náà tí a pè ní Alágbàtà, a máa ń gbé e kalẹ̀ sí iwájú ara ẹni. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

> Ìgbàkígbà tí atayò mìíràn bá mú káàdì, o lè mú káàdì 1 láti inú òkìtì.

Alágbàtà méjì ló wà nínú káàdì 60. Ní ọjọ́ tí a dán an wò, ẹni méjì ní i ní iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ mú káàdì lórí àtẹ. Ẹni kejì ní Alágbàtà òun ti jí, ìyẹn ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó mú káàdì láti inú òkìtì. Ẹni àkọ́kọ́ ní, “Ìwọ náà ti mú káàdì, tèmi náà jí nìyẹn,” ó mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ síwá sẹ́yìn, òkìtì ń lọ sílẹ̀, àwọn méjì tó kù kàn káwọ́ lérán. Wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí mo kọ ni wọ́n ń ṣe. Nínú èdè ìpilẹ̀, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, torí pé ìṣe méjì ni wọ́n lò níbẹ̀: ọ̀kan fún káàdì tí a rí ojú rẹ̀ kí a tó yàn án, èkejì fún èyí tí a kò rí. Èmi ni mo so méjèèjì pọ̀.

Ìpín tí mo ń lò láti ìgbà náà nìyí. Fà ni gbígba káàdì láti orí òkìtì láìrí ojú rẹ̀. Mú ni yíyan káàdì tó ṣíjú sókè lórí àtẹ. Gbà ni kí nǹkan ti ọ̀dọ̀ atayò mìíràn tàbí ilé owó wá bá ọ. Alágbàtà wá di:

> Ìgbàkígbà tí atayò mìíràn bá mú káàdì lórí àtẹ, o lè fa káàdì 1.

Mímú ló ń jí káàdì náà, fífà ni èrè rẹ̀, kò sì sí bí èrè ṣe lè jí Alágbàtà ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ọ̀rọ̀ òfin, ẹ gbà á kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Ibi tí ó ti ń yọ́ wọlé jù ni ìtọ́ni ìgbékalẹ̀ eré, níbi tí ọkàn wa ti balẹ̀ pé eré kò tíì bẹ̀rẹ̀: “Mú káàdì 5 kí o tò wọ́n sórí àtẹ.” Ó yẹ kó jẹ́ “Tẹ́ káàdì 5 sórí àtẹ.” Pátákó náà, ẹ “gbé” e jáde nínú páálí, ẹ má “mú” un jáde. Bákan náà ni mo yan “àsìkò” fún ìgbà tí eré kan ẹnìkan, mo sì yan “ìyípo” fún ìgbà tí ó kàn gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, n kò kọ “ní àsìkò tí” fún ohun mìíràn mọ́. “Nígbà tí” ti tó.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ní ìdẹkùn méjì tí ẹ ní láti ṣọ́ níhìn-ín.

Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń pàdánù ohùn yẹn bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. “Tà” di “ta ọjà”, “fà” di “fa káàdì”. Nítorí náà “ta káàdì” lè jẹ́ kí o tà á fún owó, ó sì lè jẹ́ títa bí ẹni ta ayò, àmì ohùn kankan kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú eré tí ọjà títà wà, ẹ fi “ta” sílẹ̀ fún ọjà títà nìkan, kí ẹ lo “lo káàdì” fún èyí tí a ń gbé sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ẹ kọ gbogbo ìrísí sí òpó kẹrin: fa káàdì, fà á, tí o fà, fífà. Bí ẹ bá wá “fà” nìkan nínú fáìlì, ẹ kò ní rí ìdajì rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń là sí méjì. “Dànù” ló wà nínú àkójọ, ṣùgbọ́n “da káàdì 2 nù” ló máa wà lára káàdì. N kò ní kí ẹ sá fún un. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ni, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ohun tó wọ àárín rẹ̀ gùn. “Da káàdì èyíkéyìí tí o fà ní àsìkò yìí tí o kò tíì lò nù” ti gùn jù, ẹni tó ń kà á á ti gbàgbé “da” kó tó bá “nù” pàdé. Ẹ gé e sí méjì: “Wo káàdì tí o fà ní àsìkò yìí. Da èyí tí o kò tíì lò nù.”

Láti mọ̀ pé ó yọrí, ẹ ka òpó kejì láti òkè dé ìsàlẹ̀: kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́ẹ̀méjì. Lẹ́yìn náà ẹ ka òpó èèwọ̀: bí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kan bá tún yọ nínú òpó kejì, ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ fìdí bí gbólóhùn á ṣe máa rí múlẹ̀

Ẹ kọ àwọn ìpinnu yìí sí ojú ewé kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ojú yín á ti máa rí i.

*Ta ni à ń bá sọ̀rọ̀?* Èmi ń pe ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní “ẹ”, bó ṣe yẹ. Ìwé òfin kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. “Ẹ fa káàdì 1” lè jẹ́ pé kí àgbà kan tó kàn fa ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé kí gbogbo yín fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ pé kí gbogbo yín pawọ́ pọ̀ fa ẹyọ kan. Nítorí náà, “o” ni fún ẹni tó kàn. Fún gbogbo ènìyàn, ẹ kọ “kí atayò kọ̀ọ̀kan fa káàdì 1”. Kí ó má baà dà bí ìwọ̀sí, mo máa ń kọ ìlà kan sí ojú ewé àkọ́kọ́: “Nínú ìwé yìí, ‘o’ ni a fi ń pe ẹni tó kàn, ìbáà jẹ́ àgbà tàbí ọmọdé.” Ẹ má sì pe alátakò ẹnìkan ní “wọ́n” nítorí ọ̀wọ̀, kí a má baà rò pé gbogbo àwọn tó kù ni.

*Rẹ àti rẹ̀.* Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín “da káàdì ọwọ́ rẹ nù” àti “da káàdì ọwọ́ rẹ̀ nù”, bó sì ṣe rí náà ni “o” àti “ó”. Bí àmì yẹn bá bọ́ nílé ìtẹ̀wé, ìyà á ṣí kúrò lórí ẹnìkan bọ́ sórí ẹlòmíràn. Òfin mi ni pé “rẹ̀” àti “ó” kì í dé ara káàdì. “Ọwọ́ atayò náà” ni mo ń kọ. Ó gba àyè jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣì í kà.

*Àṣẹ àti ìyọ̀ǹda.* “Gbọ́dọ̀” ni fún dandan, “lè” ni fún ìyọ̀ǹda. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan kì í ṣe dandan, tí wọ́n wá kọ “o kò gbọ́dọ̀ san owó”. Ìyẹn ti di èèwọ̀! “Kò pọn dandan kí o san owó” ni.

*Bí àti ìgbàkígbà.* “Bí” tàbí “tí … bá” lè dúró fún ohun tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè dúró fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ pín wọn. “Bí” ni fún ohun tí a ń wò lẹ́ẹ̀kan: “Bí o bá ní ẹyọ owó 5”. “Ìgbàkígbà tí” ni fún ohun tó ń jí káàdì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má lo “tí … bá” nìkan lára káàdì.

*Iye.* “Káàdì” kò sọ bóyá ọ̀kan ni tàbí mẹ́wàá, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dá dúró níbi tí iye ti ṣe pàtàkì. Ẹ kọ nọ́ńbà tẹ̀ lé e, kódà bó bá jẹ́ 1. “Ju 6 lọ” bẹ̀rẹ̀ láti 7. “6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ” bẹ̀rẹ̀ láti 6. “Tó 6” náà bẹ̀rẹ̀ láti 6. Ẹ yan méjì àkọ́kọ́, kí ẹ fi “tó” sí òpó èèwọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ gbólóhùn òfin 3 tó le jù nínú ìwé pẹ̀lú àwọn ìpinnu yìí, kí ẹ fún ẹnìkan kà, kí ẹ sì bi í pé: “Ta ló máa ṣe é? Ẹ̀ẹ̀melòó? Ṣé ó lè kọ̀?” Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́ta, gbólóhùn náà kò tíì pé.

Ìpele 4: Ẹ túmọ̀ káàdì ṣáájú ìwé

Ìwé lè fẹ̀ sí ojú ewé kan sí i; káàdì kò lè fẹ̀. Bí ẹ bá fi ìwé ṣáájú, ẹ máa yan gbólóhùn gígùn tó dùn, ẹ máa dé orí káàdì, kò ní gba ibẹ̀, ẹ máa wá gé e, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti káàdì ṣe ń pínyà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ káàdì eré jẹ́ mílímítà 63 sí 88. Ẹ má dín lẹ́tà kù ju póńtì 8 lọ, kí ẹ sì fún ìlà ní póńtì 11, nítorí pé àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ ti ìlà òkè máa ń kọ lu àmì ohùn ti ìlà ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó pinnu lórí fọ́ǹtì kankan, ẹ fi ìlà yìí dán an wò, pàápàá fún orí káàdì tí wọ́n fẹ́ kọ ní lẹ́tà ńlá:

```
Ẹ̀ ẹ́ Ọ̀ ọ́ Ṣ ṣ Ń ǹ
```

Bí àmì ohùn bá fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tí àpótí òfìfo bá yọ, ẹ wá fọ́ǹtì mìíràn. Ẹ má yọ àmì ohùn kúrò nítorí fọ́ǹtì.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá gba àyè, àlàyé ni kí ẹ gé, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òfin. Níbi tí mo ti kọ “fa káàdì 1 láti orí òkìtì”, “fa káàdì 1” ti tó, torí pé ìwé ti sọ pé inú òkìtì nìkan ni a ti ń fà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí a yàn dáadáa ní ìpele 2 ló ń fún wa láyè níhìn-ín. Ohun tí n kò ní ṣe láé ni kí n sọ “atayò mìíràn” di “ẹlòmíràn” lórí káàdì kan ṣoṣo nítorí pé lẹ́tà díẹ̀ ló kù.

Ó yọrí bí ẹ bá to gbogbo káàdì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí gbólóhùn wọn sì bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà, àfi nọ́ńbà.

Ìpele 5: Ìwé òfin, àti àpẹẹrẹ inú rẹ̀

Ní báyìí tí káàdì ti dúró, ìwé òfin kì í le mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn: níbi tí ìwé bá ti ka ọ̀rọ̀ ara káàdì, ẹ má tún un túmọ̀, ẹ dà á kọ láti inú `kaadi.txt`.

Àpẹẹrẹ ni ibi tí ọwọ́ wa ti máa ń yá jù, nítorí pé ó dà bí ìtàn. Ẹ wo bí mo ṣe kọ ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, tí Pupa àti Búlúù jẹ́ orúkọ atayò méjì:

> Pupa ní káàdì 5. Ó mú ọ̀kan, ó san owó rẹ̀. Búlúù ní Alágbàtà, ó wá gba tirẹ̀. Ó ti ní 6 báyìí, kò sì da nǹkan kan nù.

Ta ló ní 6? Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú “ó”, nítorí náà tí atayò méjì bá ti wọ àpẹẹrẹ, “ó” ti di àdììtú. “Gba” tún ti wọlé níbi tó yẹ kó jẹ́ “fa”. Èyí ni àtúnṣe rẹ̀:

> Àsìkò Pupa ni. Pupa ní káàdì 5 lọ́wọ́. Pupa san ẹyọ owó 2, Pupa sì mú káàdì 1 lórí àtẹ. Búlúù ní Alágbàtà ní iwájú, nítorí náà Búlúù fa káàdì 1. Àsìkò Pupa parí. Pupa ní káàdì 6 lọ́wọ́. Kò ju 6 lọ, nítorí náà Pupa kò da káàdì kankan nù.

Mo mọ̀ pé “Pupa” pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. (Nípa àwọ̀: “dúdú” àti “pupa” máa ń gba àwọ̀ púpọ̀ mọ́ra lẹ́nu àwọn kan. Bí ọmọ eré bá ní àwọ̀ mẹ́rin, ẹ kọ pupa, búlúù, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé, kí ẹ sì ya àwòrán ọmọ eré náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ní ojú ewé àkọ́kọ́.)

Àpẹẹrẹ tún jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára. Ká ní mo ti kọ òfin ọwọ́ pé “bí káàdì ọwọ́ rẹ bá tó 6, da 1 nù”, àpẹẹrẹ òkè yìí á tú àṣírí mi, nítorí pé Pupa ní 6, kò sì da nǹkan kan nù. Nítorí náà, ẹ má kàn ka àpẹẹrẹ. Ẹ tẹ́ káàdì àti owó sórí tábìlì bí àpẹẹrẹ ṣe wí, kí ẹ tẹ̀ lé òfin Yorùbá nìkan, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa dé iye tí àpẹẹrẹ dé. Bí iye bá yàtọ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ti ṣìnà, ìwé ìpilẹ̀ ló sì máa sọ èyí tó jẹ́.

Ìpele 6: Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá ohun tí ojú fò

Ẹ kíyè sí i pé, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ́: ẹ pẹ̀lú àmì òkè, e pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ẹ bá sì wá ọ̀kan, kò ní fi èyí tó kù hàn yín. Bí ẹni méjì bá fi kíbọọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ètò Python kékeré yìí sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kí ẹ tó wá ohunkóhun:

```python
import unicodedata
for f in ["ofin.txt", "kaadi.txt", "oro.csv"]:
    t = open(f, encoding="utf-8").read()
    t = unicodedata.normalize("NFC", t)
    open(f, "w", encoding="utf-8").write(t)
```

Lẹ́yìn náà, ẹ mú òpó ìrísí, kí ẹ fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
grep -n "mú káàdì" ofin.txt kaadi.txt
grep -nE "da [^.]* nù" ofin.txt kaadi.txt
grep -nE "(^| )rẹ̀" kaadi.txt
```

Ìlà àkọ́kọ́ á fi gbogbo ibi tí “mú káàdì” wà hàn yín: níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín bóyá àtẹ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìlà kejì wà fún ọ̀rọ̀-ìṣe tó là sí méjì. Ìlà kẹta kò gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan wá rárá. Ẹ má fi kíbọọ̀dù tẹ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ dà á kọ láti inú fáìlì tí ẹ ti tún ṣe, kí àmì rẹ̀ lè jẹ́ irú kan náà. Bákan náà, ẹ wá gbogbo ohun tó wà ní òpó èèwọ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ni rírọ́pò láìwò. Bí ẹ bá pàṣẹ pé kí gbogbo “mú” di “fa”, “múra” náà á di “fara”. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é, ibi kan lẹ́yìn òmíràn.

Àyẹ̀wò ìpele yìí: ẹ wá “káàdì” nínú `ofin.txt`. Bí iye ibi tí ó rí bá kéré lọ́nà tó yà yín lẹ́nu, fáìlì náà kò tíì di ọ̀kan.

Ìpele 7: Ẹni mẹ́ta náà, tábìlì, àti ẹnu yín tó dákẹ́

Ẹ pe àwọn tí ẹ fi pamọ́. Ẹ gbé páálí lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú bírò. Ẹ má dáhùn ìbéèrè kankan. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ tọ́ka sí ìwé. Èyí nira ju gbogbo ìpele tó ṣáájú lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n la ẹnu.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀: nọ́ńbà káàdì tí wọ́n kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó ṣe ohun tó wí, ibi tí ẹni méjì ti túmọ̀ òfin kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn ń sọ lẹ́nu dípò tiyín. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń pe òkìtì káàdì tí a dànù ní “ààtàn”, tí kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ tó dára ju tèmi lọ nìyẹn, mo máa gbà á. Ṣùgbọ́n inú `oro.csv` ni mo ti máa kọ́kọ́ yí i, lẹ́yìn náà káàdì, lẹ́yìn náà ìwé, lẹ́yìn náà àpẹẹrẹ, kí n tó tún ṣe ìpele 6 látòkè délẹ̀. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé, káàdì méjì tàbí mẹ́ta máa ń ṣẹ́ kù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sí ẹ̀yìn ìwé òfin àti sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé pélébé kan ló máa tẹ̀ lé páálí, tí nọ́ńbà káàdì náà, ohun tó wà lára rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó wà lára rẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn káàdì náà ní odindi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yí padà nìkan, kí ẹni tó ń ta eré lè gé e kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú káàdì.